Kí ni rédíọ́ọ̀sì jaíréṣọ̀n ń wọ̀n, ibo ló sì wà lára àwo?

*Ìbéèrè:* Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́. Ìwé wa sọ pé bí rédíọ́ọ̀sì àwo irin pẹrẹsẹ kan bá jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 30, rédíọ́ọ̀sì jaíréṣọ̀n rẹ̀ jẹ́ 21.2. Mo rò pé ìpíndọ́gba ìjìnnà máàsì sí àárín ni, àmọ́ nígbà tí mo ṣírò ìyẹn, 20 ni mo rí. Àárín máàsì àwo náà sì wà ní odo. Kí ni 21.2 yìí gan-an? Ibo ló wà lára àwo náà, ṣé ènìyàn sì lè wọ̀n ọ́n láìka ìwé?

*Ìdáhùn:* Àbúrò mi, 20 tí o rí kò ní àṣìṣe kankan, 21.2 tó wà nínú ìwé yín náà sì tọ̀nà. Tìrẹ ń sọ bí máàsì ṣe jìnnà sí àárín tó. Tìwé yín ń sọ ohun tí ìjìnnà yẹn ń ná ẹni tó bá fẹ́ yí àwo náà. Ibi tí àwọn méjèèjì ti yà kúrò lára ara wọn ni kí a kọ́kọ́ wò.

Jẹ́ ká gbé àwo tì ná. Mú ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó fúyẹ́ débi pé a lè gbàgbé máàsì rẹ̀, kí ìlà ìyípo gba orí rẹ̀ kan kọjá. De irin kílógíráàmù 1 mọ́ ọn ní sẹ̀ǹtímítà 10 sí ìlà náà, kí o sì de irin kílógíráàmù 1 mìíràn mọ́ ọn ní sẹ̀ǹtímítà 30. Ìpíndọ́gba ìjìnnà wọn jẹ́ 20. Wá yí ọ̀pá náà kí ó máa yípo lẹ́ẹ̀kan ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan. Irin tó wà nítòsí ń rin mítà 0.63 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Èyí tó wà lókèèrè ń rin mítà 1.88, nítorí pé ọ̀nà tirẹ̀ gùn ní ìlọ́po mẹ́ta, àwọn méjèèjì sì gbọ́dọ̀ jọ parí ìyípo kan náà lẹ́ẹ̀kan náà. Agbára ìrìn kì í tẹ̀ lé eré ní déédéé: bí eré bá di ìlọ́po mẹ́ta, agbára ìrìn á di ìlọ́po mẹ́sàn-án. Jọ́ọ̀lù 0.197 ló wà nínú irin tó wà nítòsí, jọ́ọ̀lù 1.777 ló wà nínú èyí tó wà lókèèrè. Àpapọ̀ wọn jẹ́ 1.974.

Nísinsìnyí, kó irin méjèèjì jọ sí ibi ìpíndọ́gba tìrẹ, ìyẹn sẹ̀ǹtímítà 20, kí o sì yí ọ̀pá náà bíi ti tẹ́lẹ̀. Jọ́ọ̀lù 1.579 péré ni wọ́n máa gbà. Máàsì kò dín, ìpíndọ́gba ìjìnnà kò yí padà, síbẹ̀ iṣẹ́ tí ọwọ́ rẹ ṣe ti dín kù ní ìdá kan nínú márùn-ún. Ó túmọ̀ sí pé ìpíndọ́gba lásán kò lè ṣojú fún ohun tí ń yípo. Bí o bá ń sún irin méjèèjì jáde díẹ̀díẹ̀ láti 20, ìgbà tí wọ́n bá dé sẹ̀ǹtímítà 22.4 ni agbára náà á padà di 1.974. Sẹ̀ǹtímítà 22.4 yẹn ni rédíọ́ọ̀sì jaíréṣọ̀n. Òun ni ìjìnnà kan ṣoṣo tí a lè kó gbogbo máàsì sí, tí ẹni tó ń yí ọ̀pá náà kò fi ní mọ̀ pé a ti kó nǹkan kúrò nípò.

Bí a ṣe ń rí i kò le. Fi ìjìnnà kọ̀ọ̀kan lọ́po ara rẹ̀: 10 di 100, 30 di 900. Wá ìpíndọ́gba àwọn yẹn, ó jẹ́ 500. Nọ́ńbà tí a bá fi lọ́po ara rẹ̀ tó máa fún wa ní 500 ni 22.4. Ìwé a máa kọ ọ́ báyìí:

```
I = m₁r₁² + m₂r₂² + m₃r₃² + ...
k² = I / m
```

I ni mómẹ́ǹtì inẹ́ṣíà, m ni àpapọ̀ máàsì, r ni ìjìnnà ègé kọ̀ọ̀kan sí ìlà ìyípo, k sì ni nọ́ńbà tí à ń wá. Wo ohun tó ṣẹlẹ̀: máàsì ti kúrò nínú k pátápátá. Àwo irin àti àwo pákó tí ìwọ̀n àti ìrísí wọn bára mu ní k kan náà, bí èyí tilẹ̀ wúwo ju ìyẹn lọ ní ìlọ́po mẹ́wàá. Bí máàsì ṣe tẹ́ ká ìlà ìyípo nìkan ni k ń sọ, ó sì ń sọ ọ́ ní sẹ̀ǹtímítà, tí o lè fi ojú bá rédíọ́ọ̀sì ohun náà wé.

A lè wá padà sórí àwo rẹ báyìí, láìlo kálíkúlọ́ọ̀sì rárá. Fa òbìrìkìtì kékeré kan sórí àwo náà láti àárín. Bí o bá sọ rédíọ́ọ̀sì òbìrìkìtì yẹn di ìlọ́po méjì, máàsì tó wà nínú rẹ̀ á di ìlọ́po mẹ́rin, nítorí pé ojú àwo náà ló pọ̀ sí i bẹ́ẹ̀. Èyí fi hàn pé bí a bá fi ìjìnnà lọ́po ara rẹ̀, láti 0 títí dé 900, máàsì àwo náà pín dọ́gbadọ́gba sórí àwọn nọ́ńbà wọ̀nyẹn: iye tó wà láàárín 0 àti 100 kò ju iye tó wà láàárín 800 àti 900 lọ. Ohun tó bá pín dọ́gba láti 0 dé 900, ìpíndọ́gba rẹ̀ jẹ́ 450. Nọ́ńbà tí a fi lọ́po ara rẹ̀ láti rí 450 ni 21.2. Ibẹ̀ ni ìwé yín ti rí i.

Àlàfo tó wà láàárín 20 rẹ àti 21.2 yìí náà ní ohun tó ń sọ. Yọ 400 (20 lọ́nà 20) kúrò nínú 450, ó ṣẹ́ ku 50, gbòǹgbò rẹ̀ sì jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 7.1. Bí àwọn ègé máàsì ṣe fọ́n ká yí ìpíndọ́gba wọn nìyẹn. Bí máàsì bá ṣe fọ́n ká tó ni k á ṣe ga ju ìpíndọ́gba lọ tó. Ara òrùka tín-ín-rín nìkan, níbi tí gbogbo máàsì ti jìnnà bákan náà, ni méjèèjì ti ń dọ́gba. Kò sí ibi kankan tí k ti lè kéré sí ìpíndọ́gba ìjìnnà. Bí ìṣirò rẹ bá mú un kéré sí i, padà síbẹ̀ lọ wá àṣìṣe.

Ọ̀rọ̀ àárín máàsì wá kù. Bí a bá ń wá àárín máàsì, a máa ń ka ẹ̀gbẹ́: ègé tó wà lápá ọ̀tún ń pa èyí tó wà lápá òsì rẹ́, ìdí nìyẹn tí tìrẹ fi já sí odo. Nínú k, kò sí ẹni tó ń pa ẹnìkejì rẹ́, torí pé ìjìnnà tí a fi lọ́po ara rẹ̀ kò ní ọ̀tún tàbí òsì mọ́. Síbẹ̀ àwọn méjèèjì jọ ń ṣiṣẹ́ pọ̀, pàápàá bí a bá gbé ìlà ìyípo kúrò ní àárín. Bí o bá gbé e lọ sí ìjìnnà h sí àárín máàsì, tí kò sì yí ìdojúkọ padà, k tuntun ń tẹ̀ lé òfin yìí:

```
k² = k_G² + h²
```

k_G ni ti ìlà tó gba àárín máàsì kọjá. Tí o bá yí àwo rẹ ká etí rẹ̀, 450 á gba 900 mọ́ra, k á sì di sẹ̀ǹtímítà 36.7. Ó ju rédíọ́ọ̀sì àwo fúnra rẹ̀ lọ, kò sì sí ohun tó burú níbẹ̀. Nítorí náà ẹni tó bá bi ọ́ ní k àwo kan láìsọ ìlà tó fẹ́ kí ó yí ká, kò tíì béèrè ohun tí a lè dáhùn.

Òfin kékeré yìí ló jẹ́ kí a lè wọ̀n k láìka ìwé. Àwo ní ìrísí tí a lè ṣírò, àmọ́ wíìlì kẹ̀kẹ́ ńkọ́, tó ní rímù, sípóòkì àti họ́ọ̀bù, tí ẹnikẹ́ni ò mọ máàsì ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn? Lórí wíìlì bẹ́ẹ̀ ni mo fẹ́ fi hàn ọ́.

Yọ táyà àti túùbù rẹ̀ kúrò. Wá irin pẹlẹbẹ kan tí etí rẹ̀ mú díẹ̀, dè é mọ́lẹ̀ gbọnyin ní ìdúró, kí etí mímú náà kọjú sókè. Gbé wíìlì kọ́ ọ láti inú rímù, láàárín sípóòkì méjì, kí irin náà gba inú wíìlì kọjá ní ìdojúkọ kan náà pẹ̀lú àkísù rẹ̀. Fà á díẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan, kí o sì jọ̀wọ́ rẹ̀. Á máa fì lọ fì bọ̀ bíi pẹ́ńdúlọ̀mù. Ohun méjì péré lo máa wọ̀n: h, ìyẹn ìjìnnà láti etí irin dé àárín họ́ọ̀bù, àti T, ìyẹn àsìkò tí ìfì kan fi ń lọ tó sì padà wá. O ò nílò òṣùwọ̀n tí ń wọn ìwúwo rárá. Òòfà ilẹ̀ ń fa máàsì náà, máàsì náà sì ni ó ń lọ́ra láti yí, ìyẹn ló fi jẹ́ pé máàsì pa ara rẹ̀ rẹ́:

```
T = 2π √((k_G² + h²) / (g h))
k_G² = g T² h / (4π²) − h²
```

Ká sọ pé h jẹ́ mítà 0.29, tí ìfì 20 sì gba ìṣẹ́jú àáyá 29.0. T jẹ́ 1.45. Fi g sí 9.81. Apá àkọ́kọ́ ìṣirò náà fún wa ní 0.1515, h lọ́nà h jẹ́ 0.0841, ohun tó ṣẹ́ kù jẹ́ 0.0674. Gbòǹgbò rẹ̀ jẹ́ mítà 0.26, ìyẹn sẹ̀ǹtímítà 26. Wíìlì tí inú rímù rẹ̀ wà ní 29 ní k 26, ó fi hàn pé rímù ló gbé èyí tó pọ̀ jù nínú máàsì, tí họ́ọ̀bù àti sípóòkì sì fà á sínú díẹ̀. Nọ́ńbà yìí bá ohun tí ojú rí mu, ó sì yẹ kí o máa bi ara rẹ bẹ́ẹ̀ nígbà gbogbo. Tí o bá rí 32 lára irú wíìlì yìí, tí etí rímù rẹ̀ lóde kò kọjá 31, òbu ni, nítorí pé kò sí ohun tó lè ní k_G tó kọjá ibi tí máàsì rẹ̀ parí sí.

Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù nínú iṣẹ́ yìí ni ti kíkà. Ènìyàn á tẹ aago, á sì sọ pé "ọ̀kan" lẹ́sẹ̀ kan náà, nígbà tí ìfì àkọ́kọ́ kò tíì parí. Bí ó bá dé "ogún", ìfì 19 ló wọ̀n. Aago á sọ ìṣẹ́jú àáyá 27.55, òun á pín in sí 20, á rí 1.38, k á sì já sí nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 23. Sẹ̀ǹtímítà mẹ́ta ti lọ nítorí ẹyọ ọ̀rọ̀ kan, 23 kò sì jọ òbu lójú. Bí o ṣe máa mọ̀ ni pé kí o tún un wọ̀n pẹ̀lú ìfì 10. Bí kíkà rẹ bá tọ́, T tó jáde lára 10 àti T tó jáde lára 20 á fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba. Bí o bá ń fo ìfì kan, 20 á fún ọ ní 1.38, 10 á fún ọ ní 1.31, wàá sì mọ̀ pé ìfì kan ti sọnù. Odo ni kí o máa sọ nígbà tí o bá tẹ aago.

Mo tẹnu mọ́ T nítorí pé k máa ń sọ àṣìṣe rẹ̀ di ńlá. Yíyọ nọ́ńbà ńlá kan kúrò nínú nọ́ńbà ńlá mìíràn wà nínú ìṣirò yẹn, ohun tó kù sì kéré, tí àṣìṣe kò dín. Lára wíìlì yìí, bí T bá yà ní ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún, k á yà ní bí ìdá méjì lé díẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ìfì náà fi gbọ́dọ̀ kéré: bí o bá fà á dé ìwọ̀n dígírì 20 ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan, T á gùn ju ti òfin lọ ní ìdá 0.8 nínú ọgọ́rùn-ún. Ní dígírì 10, ìdá 0.2 péré ni.

Ìjìnnà h ní tirẹ̀ kò ní wàhálà. Bí o bá ṣì í wọ̀n ní mìlímítà 5 gan-an, bí ìdajì mìlímítà ni k á fi yí padà. Kí ló dé tí ọ̀kan fi ń dárí jì wá tí èkejì kò sì dárí jì? Mú ìbéèrè yẹn dání, ìdáhùn rẹ̀ máa bá wa lórí àwo rẹ.

Kí a tó kúrò lára wíìlì, wo nǹkan kan sí i. Yọ irin tí o gbé e kọ́ kúrò, fi èyí tó kúrú sí i, kí etí rẹ̀ wá lọ ní ìbú, ní ìdojúkọ rímù, kí wíìlì náà máa fì síwájú sẹ́yìn bí ilẹ̀kùn tí a so láti òkè. Ibi tí o gbé e kọ́ kò yí padà, h ṣì jẹ́ 0.29, máàsì kan kò kúrò níbi tó wà. Síbẹ̀ T á já sí nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá 1.28 dípò 1.45. Ohun tó yí padà ni ìlà ìyípo. Nígbà tí wíìlì ń fì bí ilẹ̀kùn, apá tó pọ̀ nínú rímù wà nítòsí ìlà tó gba àárín rẹ̀ kọjá ní ìbú, k_G sì ti lọ sílẹ̀ sí bíi sẹ̀ǹtímítà 18. Ohun tó bá pẹrẹsẹ ní òfin tó dára fún èyí: k² ti ìlà tó dúró gbọnrangandan sí ojú rẹ̀ jẹ́ àpapọ̀ k² ti ìlà méjì tó tẹ́ sórí ojú náà tí wọ́n sì dábùú ara wọn. Wíìlì rí bákan náà ní gbogbo ẹ̀gbẹ́, nítorí náà ìlà kọ̀ọ̀kan gba ìdajì 676, ìyẹn 338, gbòǹgbò rẹ̀ sì jẹ́ 18.4. Họ́ọ̀bù máa ń ní gígùn díẹ̀, ìyẹn á mú kí nọ́ńbà tí o máa wọ̀n lé ní 18.4 ní ìwọ̀nba. Mo fẹ́ràn ìdánwò yìí gan-an, torí pé ojú ló fi ń rí i pé kì í ṣe ohun kan ló ni k. Ohun kan pẹ̀lú ìlà kan ni wọ́n jọ ni ín.

Nọ́ńbà kan ṣoṣo kò lè sọ gbogbo ìtàn, ó sì yẹ kí o mọ ohun tí k gbàgbé. Padà sórí ọ̀pá wa tó ní irin ní 10 àti 30. Bí irin méjèèjì bá wà ní apá kan náà, k jẹ́ 22.4. Bí o bá gbé èyí tó wà ní 10 lọ sí òdìkejì ìlà ìyípo, k ṣì jẹ́ 22.4. Àwọn méjèèjì gba agbára kan náà láti yí. Ṣùgbọ́n bí ìyípo bá yá, èyí tí irin rẹ̀ wà lápá kan máa gbo béárìn jìgìjìgì ju èkejì lọ, nítorí pé àárín máàsì rẹ̀ jìnnà sí ìlà náà ní sẹ̀ǹtímítà 20, ti èkejì sì jìnnà ní 10. K kò gbọ́ nǹkan kan nípa ìyẹn. Ẹni tó bá fẹ́ mọ̀ bóyá nǹkan á gbọ̀n, àárín máàsì ni kí ó kọ́kọ́ béèrè.

Òmíràn tún nìyí, èyí ló sì léwu jù. Mú wíìlì méjì tí máàsì wọn dọ́gba. Gbogbo máàsì ti àkọ́kọ́ wà ní rímù, ní sẹ̀ǹtímítà 26. Ìdajì máàsì ti èkejì wà lórí àkísù gan-an, ìdajì tó kù wà ní rímù tó jìnnà ní 36.8. Ṣírò rẹ̀, k àwọn méjèèjì jẹ́ 26. Ẹ́ńjìnnì tó bá ń yí wọn kò ní mọ ìyàtọ̀, àwọn méjèèjì á sì tọ́jú agbára kan náà ní iye ìyípo kan náà. Ṣùgbọ́n rímù èkejì ń sáré ju ti àkọ́kọ́ lọ ní ìlọ́po 1.41. Nínú rímù tín-ín-rín tó ń yípo, ìfà tó fẹ́ ya irin rẹ̀ ń tẹ̀ lé eré tí a fi lọ́po ara rẹ̀. Bí irin wọn bá jẹ́ irú kan náà, ìfà inú rímù èkejì jẹ́ ìlọ́po méjì ti àkọ́kọ́. Eré tí àkọ́kọ́ á fara dà lè fọ́ èkejì túká. Nítorí náà ẹni tó ń ṣe wíìlì ńlá tí ń tọ́jú agbára kò gbọ́dọ̀ fi k nìkan dá a láre.

Bí o bá dé ọ̀dọ̀ àwọn tí ń ṣírò òpó ilé, wàá tún bá orúkọ yìí pàdé nínú àtẹ wọn, tí wọ́n máa ń fi r kọ. Kò sí máàsì nínú tiwọn. Bí ojú gígé òpó náà ṣe tẹ́ ni wọ́n ń wọ̀n, láti mọ bí òpó náà á ṣe tètè tẹ̀ kọdọrọ lábẹ́ ẹrù. Ìṣirò náà jọra, ohun tí wọ́n fi sínú rẹ̀ ló yàtọ̀, má kó wọn pọ̀.

Ó wá ku ibi tí 21.2 wà lára àwo rẹ. Bí o bá wo àwo náà, wàá rí i pé òbìrìkìtì tí rédíọ́ọ̀sì rẹ̀ jẹ́ 21.2 pín máàsì rẹ̀ sí ọgbọọgba: ìdajì wà nínú, ìdajì wà lóde. Má fi ìyẹn ṣe ìtumọ̀ k. Àwo tó tẹ́ dọ́gba nìkan ló rí bẹ́ẹ̀. Lára ọ̀pá tín-ín-rín tí ń yí ká àárín rẹ̀, tí gígùn rẹ̀ jẹ́ 60, ìdajì máàsì wà láàárín 15 sí àárín, ṣùgbọ́n k jẹ́ 17.3.

Ibì kan wà tó jẹ́ ti k ní tòótọ́, ìfì ni yóò sì fi í hàn ọ́. Lu ihò tín-ín-rín sí ara àwo rẹ ní oríṣiríṣi ìjìnnà sí àárín, kí o fi ìṣó tẹ́ẹ́rẹ́ gbé e kọ́ láti ihò kọ̀ọ̀kan, kí ó máa fì ní ojú ara rẹ̀. Bí o bá gbé e kọ́ ní etí, ní 30, T á jẹ́ 1.35. Ní 10, á falẹ̀ dé 1.49. Bí o bá sún mọ́ àárín jù, á fẹ́rẹ̀ẹ́ má fì mọ́, nítorí pé òòfà ilẹ̀ kò rí ibi dì í mú. Láàárín etí àti àárín yẹn, ibì kan wà tí àwo náà ti ń fì yára jù lọ, pẹ̀lú T tó jẹ́ 1.31, ibẹ̀ sì ni 21.2. Bó ṣe rí fún gbogbo ohun tí a bá gbé kọ́ nìyẹn: ìfì máa ń yára jù nígbà tí h bá dọ́gba pẹ̀lú k_G.

Nítòsí ibẹ̀, T kì í fẹ́ yí padà. Ní 18, ó jẹ́ 1.32, ní 25 náà, 1.32. Ìdáhùn sí ìbéèrè tí mo ní kí o mú dání nìyẹn: h wíìlì wa, 29, sún mọ́ k rẹ̀, 26, ìdí nìyẹn tí ṣíṣi h wọ̀n kò fi pa wá lára. Àmọ́ ohun kan náà ló mú kí ó ṣòro láti rí 21.2 nípa wíwá ihò tó yára jù, torí pé àwọn ihò ibẹ̀ ò fẹ́rẹ̀ẹ́ yàtọ̀ sí ara wọn lójú aago.

Wá ihò méjì tí T wọn dọ́gba ní dípò bẹ́ẹ̀, ọ̀kan nínú òbìrìkìtì 21.2, ọ̀kan lóde rẹ̀. Fi ìjìnnà wọn sí àárín lọ́po ara wọn: 18 lọ́nà 25 jẹ́ 450, ó sì jẹ́ k² gan-an. Bó ṣe máa ń rí nìyẹn fún ihò méjì tí T wọn bá dọ́gba, tí h wọn sì yàtọ̀. O ò nílò g, o ò nílò 4π², o ò tilẹ̀ nílò kí aago rẹ sọ òtítọ́, níwọ̀n ìgbà tí ó bá ti ń sọ irọ́ kan náà fún ihò méjèèjì. Christiaan Huygens ti rí ìbátan ojú ìfìkọ́ méjì yìí, ó sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1673. Ní 1817, Henry Kater fi í ṣe pẹ́ńdúlọ̀mù tí a lè dorí rẹ̀ kodò, láti fi wọn g. Òun ń sún ìwọ̀n kan lórí ọ̀pá rẹ̀ títí T ojú méjèèjì fi dọ́gba, ó sì lo àpapọ̀ ìjìnnà méjèèjì. Ìwọ á lo ìlọ́po wọn.

Bí o bá fẹ́ ṣe é, lu ihò rẹ ní méjì-méjì, kí èyí tó wà ní 18 lápá kan ní ẹnìkejì ní 18 lápá òdìkejì, bákan náà fún 25. Bí gbogbo ihò bá wà lápá kan, àárín máàsì á sún lọ sí apá kejì, h tí o fi rúlà wọ̀n kò sì ní jẹ́ h tí àwo náà ń fì lé lórí mọ́. Láti mọ̀ bóyá ó ti ṣẹlẹ̀, gbé àwo náà kọ́ láti ihò 18 àkọ́kọ́, lẹ́yìn náà láti ẹnìkejì rẹ̀. Kí T wọn dọ́gba kí o tó bẹ̀rẹ̀ sí í fi wọ́n ṣírò.